Fọ́tò jọ́lọ́ọ̀fù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná

Ṣe fọ́tò kan tó dà bí èyí tí wọ́n fi kámẹ́rà yà gan-an, kì í ṣe àwòrán ọwọ́: àwo ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù òde àríyá kan, bí wọ́n ṣe ń sè é ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bù látinú ìkòkò. Ilé oúnjẹ kan n'Íbàdàn ló máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kí fọ́tò náà dúró lóròó, ní ìwọ̀n 4:5.

Ìrẹsì ló ṣe pàtàkì jù. Hóró rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò fọ́, kò sì lẹ̀ mọ́ra. Ká lè ka àwọn tó wà níwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ rẹ̀ pupa bíi ti tàtàṣé tí wọ́n ti dín nínú òróró títí omi rẹ̀ fi gbẹ. Kó má pọ́n bí ọ̀dà, kó má sì rí bákan náà jálẹ̀: kí hóró díẹ̀ dúdú, níbi tí ìsàlẹ̀ ìkòkò ti jó wọn, torí ibẹ̀ ni adùn jọ́lọ́ọ̀fù àríyá wà. Àlùbọ́sà pẹlẹbẹ mẹ́ta tí ooru ti mú rọ̀ wà lórí rẹ̀. Òróró ń dán fẹ́ẹ́rẹ́ lára hóró. Tó bá kóra jọ sétí àwo, oúnjẹ á jọ èyí tó ti wà nílẹ̀ látàárọ̀.

Àwo tánganran funfun tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù ni kó wà nínú rẹ̀. Dòdò mẹ́rin tí etí wọn ti pọ́n dáadáa àti itan adìẹ díndín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò bo ìrẹsì mọ́lẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kan ṣoṣo ń bọ̀ láti ẹ̀yìn àwo, lápá òsì. Ògiri ẹ̀yìn jẹ́ àwọ̀ pákó dúdú, torí oru funfun kì í hàn níwájú ohun funfun, bẹ́ẹ̀ ni kì í hàn tí ìmọ́lẹ̀ bá ti iwájú wá. Pátákó funfun kan tí fọ́tò ò ká mọ́ ń dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà láti ọ̀tún, kí iwájú ìrẹsì má ṣókùnkùn.

Oru náà tínrín. Ó ń jáde níbi méjì tàbí mẹ́ta láàárín òkìtì ìrẹsì, ó ń lọ́ lọ sókè, ó sì ń parẹ́ kó tó kan òkè fọ́tò. Ká máa rí ògiri gba inú rẹ̀. Tó bá ki, èéfín ló máa jọ, ẹni tó ń wò ó á rò pé oúnjẹ ń jóná. Kò gbọdọ̀ jáde lára àwo tàbí tábìlì.

Lẹ́ńsì 100mm, f/4, kámẹ́rà ga díẹ̀ ju àwo lọ, ó dagun bíi dígírì 40 sí i. Hóró iwájú ló mọ́ kedere jù. Ẹ̀yìn ń ṣe bàìbàì.

Má fi ẹ̀wà aláwọ̀ ewé tàbí kárọ́ọ̀tì sí i, ìrẹsì díndín nìyẹn. Má fi ọwọ́ èèyàn, ewé ọ̀ṣọ́ tàbí ọ̀rọ̀ kankan sí i. Fọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, eyín mẹ́rin, lọ́wọ́ ọ̀tún àwo.