Ìwé ìgbàṣẹ àti ìbéèrè ìwádìí fún jàmáà mọ́ṣáláṣí àdúgbò kan ní Ọ̀jẹ́, Ìbàdàn

(A ó kà á sétígbọ̀ọ́ olùkópa kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó bẹ̀rẹ̀.)

Asalaamu alaekum. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn ni mí ní Yunifásítì Ìbàdàn. Mo ń ṣe ìwádìí lórí bí jàmáà ṣe ń bára wọn gbé: bí wọ́n ṣe ń dáwó jọ, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn, àti bí wọ́n ṣe ń parí aáwọ̀. N kò wá wọn ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni wò.

Lẹ́mọ́mù ti yọ̀ǹda fún mi láti wọ mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n àṣẹ wọn kò lè dípò tiyín, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ tàbí alága ẹgbẹ́ kò lè bá yín gbà á. Bí ẹ bá kọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bí olùkópa kò bá tíì pé ọdún 18, òbí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbà, òun náà yóò sì fẹnu ara rẹ̀ gbà.

N kò ní kọ orúkọ yín tàbí ti mọ́ṣáláṣí. Síbẹ̀, orúkọ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń dá olóyè mọ̀: Ìyá Àdínnì kan ṣoṣo ló wà nínú jàmáà yín, ẹni tó bá sì rí oyè náà nínú ìwé ti mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá joyè, "àgbà kan nínú jàmáà" ni n ó pè yín, n ó sì ka ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ lò fún yín kí n tó lò ó. Bí àṣírí ẹlòmíràn bá jẹ yọ, n ó pa ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ìpinnu yín padà.

Bí ẹ bá gbà, ẹ sọ pé, "Ó yé mi, mo gbà." Kò sí ìwé tí ẹ máa tẹ̀ka sí.

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ròyìn Jímọ̀ tó kọjá fún mi, láti ìgbà tí ẹ ṣe àlùwàlá títí ẹ fi padà délé. Ta lẹ jókòó tì? Ta lẹ wò títí tí ẹ kò rí?

Báwo lẹ ṣe wọ ẹgbẹ́ àsàlátù yín? Bí wọ́n bá mú aṣọ ẹgbẹ́, kí ni ẹni tí kò rówó rà á máa ń ṣe?

Bí ara ẹnìkan kò bá yá, ta ló kọ́kọ́ ń gbọ́, ta ló sì ń lọ kí i?

(Fún àwọn obìnrin.) Níbi tí ẹ ti ń kírun, ṣé wáàsí máa ń dún ketekete sí yín létí? Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ fún Lẹ́mọ́mù, ọwọ́ ta ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn?

Láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ sọ aáwọ̀ kan tó parí fún mi, àti àwọn tó jókòó parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fi kẹ́yìn, ẹ sì lè fò ó: bí jàmáà bá dáwó fún àtúnṣe mọ́ṣáláṣí, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe?