Tọ́pẹ́, má tíì gbé ìwé yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́

Tọ́pẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ vóìsì nóòtì ẹ, ẹ̀kíní nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí mo ń bọ̀ láti Ìbàdàn Gáréèjì, ẹ̀kejì nílé lẹ́yìn tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́. O ní o ti ka ogún ojú ìwé nínú Mrs Dalloway o ò sì lè sọ nǹkan kan pàtó tó ṣẹlẹ̀. O ní, "Àǹtí, mi ò mọ ẹni tó ń ronú, mi ò mọ̀ bóyá àná ni àbí òní, ìyá yẹn kàn ní òun ń lọ ra òdòdó, ẹ wo bá a ṣe ń rìn kiri." O wá ní bóyá lítíréṣọ̀ kọ́ ló yẹ kó o máa kà l'Ágọ̀-Ìwòyè. Jọ̀ọ́ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tó o kà sílẹ̀ pé ó ń dà ẹ́ láàmú yẹn, òun gan-an ló wà nínú ìwé náà, o rí i dáadáa, o kàn rò pé àṣìṣe ẹ ni.

Ìtàn tá a bá dàgbà, àlọ́ ni. Ìjàpá jáde nílé, ó pàdé ẹnì kan lọ́nà, ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, ó padà sílé tàbí kó má padà. Ẹni tó ń sọ ọ́ á mú ẹ lọ́wọ́ títí dé ìparí. Virginia Woolf tó kọ Mrs Dalloway ò mú ẹ lọ́wọ́, inú orí èèyàn ló gbé ẹ sí ó sì fi ẹ́ síbẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìṣàn èrò, William James, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, ló fi èrò inú èèyàn wé odò nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1890, pé èrò kì í dúró lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn, ṣe ló ń ṣàn. Àwọn òǹkọ̀wé wá gba ọ̀rọ̀ náà lò. Àmọ́ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, lẹ́kítọ́rà yín á sọ ọ́ ní kíláàsì. Jẹ́ kí n fi tèmi hàn ẹ́.

Lánàá mo lọ sọ́jà Òkè-Ajé nítorí ọjọ́ ìbí Màmá tó ń bọ̀ ní Sátidé. Nígbà tí mo padà dé mo jókòó, mo gbìyànjú láti kọ ohun tó gba orí mi kọjá nígbà tí mo dúró níwájú oníṣu sílẹ̀, mi ò tún un ṣe, kà á báyìí:

Ewùrà yìí lómi jù, ìkọ́kọrẹ́ ẹ̀ ò ní dì, Ìyá Àgbà máa ń fi èékánná ha á lẹ́yìn wò kí wọ́n tó sanwó, ọwọ́ wọn yẹn, òrùka idẹ yẹn, ta ló wá mú òrùka yẹn lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mi ò ní béèrè, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló ń pè é, ó wọ́n, òjò ọjọ́ tá a sin wọ́n yẹn, kánópì wó lulẹ̀ gbogbo èèyàn sá wọlé òun nìkan ló dúró síta tó di àga mú fún mi, wọ́n ní ó ti ti Kánádà dé, wọ́n ní ó ti sanra, ṣé á wá ní Sátidé, ládáànì ti ń pe ìrun Àyìlá, ah aago kan ti kọjá mi ò tíì ra ẹran, màmá ẹ gba ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀.

Ó tán. Kí ló ṣẹlẹ̀? Tí ẹnì kan bá ń wò mí látòkèèrè, á ní obìnrin kan ra ewùrà. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o wà nínú orí mi, o ti mọ̀ pé wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀ ogún Ìyá Àgbà nínú ilé wa, o sì ti mọ̀ pé ọkùnrin kan wà tí mi ò fẹ́ dá orúkọ ẹ̀. Mi ò sọ èyíkéyìí nínú ẹ̀ fún ẹ láti ọdún yìí wá. Ohun tí irú ìwé yìí ń ṣe nìyẹn, ó ń mú ẹ dé ibi tí ẹnu èèyàn ò ní dé láé.

Wo bí mo ṣe ti orí ewùrà bọ́ sórí òkú tún wò. Kò ṣàdédé o. Ewùrà, èékánná, ọwọ́, òrùka. Nǹkan kékeré kan ni afárá. Gbé ìwé ẹ báyìí kó o ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́. Clarissa, ìyẹn Mrs Dalloway gan-an, ní òun á lọ ra òdòdó fúnra òun, torí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Lucy ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n fẹ́ yọ àwọn ilẹ̀kùn kúrò lórí hínjì wọn nítorí páàtì alẹ́. Hínjì! Fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i. Torí lẹ́yìn ìlà díẹ̀ ó ti gbọ́ ìró hínjì mìíràn, ti Bourton, ilé wọn lábúlé, ó ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ṣí ilẹ̀kùn gbàgà tí atẹ́gùn àárọ̀ fẹ́ lù ú, Peter Walsh, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ nígbà yẹn, sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dúró láàárín ẹ̀fọ́ ó ń ronú. Lẹ́yìn náà ó rántí pé Peter ò ní pẹ́ ti Íńdíà dé. Lẹ́yìn náà ló wá dúró létí títì kí ọkọ̀ ẹrù kan kọjá. Kò tíì rìn jìnnà sílé o, ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ti lọ tó ti bọ̀. Ara ẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1923, inú oṣù Júnù, ọmọ ọdún kọkànléláàádọ́ta sí méjìléláàádọ́ta ni, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàìsàn tí irun ẹ̀ ti funfun. Ìyẹn lo gbọ́dọ̀ máa béèrè tó bá ti rú ẹ lójú: ara ẹ̀ ńkọ́, níbo ló wà? Ara kì í kúrò ní ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn láti àárọ̀ títí dé òru, ọkàn ló ń rìn.

Ibi kejì tó ti ń dani láàmú ni pé wọ́n máa ń pààrọ̀ orí láìsọ fún ẹ. Ó ṣẹlẹ̀ kíá ni, lójú ìwé kejì níbẹ̀ yẹn, kí ọkọ̀ ẹrù yẹn tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Scrope Purvis wo Clarissa, ó ní ó dà bí ẹyẹ. Aládùúgbò lásán ni, má wá a kiri, o ò ní nílò ẹ̀ mọ́. O kàn wọ orí ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá o jáde. Lédè òyìnbó, ó ṣì sàn díẹ̀ fún ẹ torí "he" àti "she" máa ń tú àṣírí ẹni tá a wà lórí ẹ̀, tó bá jẹ́ Yorùbá tiwa ni, "ó" kan náà ni ọkùnrin, òun náà ni obìnrin, èmi ò mọ bí ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé yẹn á ṣe ṣe é, ó sì wù mí kí ẹnì kan gbìyànjú ẹ̀.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ orí? Tẹ́tí sí ariwo. Ṣó o rántí ládáànì tèmi yẹn? Bó ṣe ń pè lánàá, gbogbo ọjà ló gbọ́ ọ. Màmá oníṣu gbọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aṣọ ìrun ló rò. Èmi, ẹran ni mo rò. Fọganáísà tó ń yọ táyà níwájú, ta ló mọ ohun tó rò. Ohùn kan, orí mélòó. Woolf fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dún gbàmù ní Bond Street ṣe é, Clarissa wà nínú ṣọ́ọ̀bù olódòdó, gbogbo èèyàn níta sì ń rò pé ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, ṣé Ayaba ni, ṣé olórí ìjọba ni. Ó tún fi ọkọ̀ òfúrufú kan tó ń fi èéfín kọ̀wé sójú sánmà ṣe é, ìpolówó ọjà ni, kálukú gbójú sókè ó ń ka lẹ́tà tó wù ú. Aago ńlá Big Ben náà ńkọ́, ó ń lù látìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Kò pín ìwé náà sí orí kìíní orí kejì, torí náà aago yẹn ni kó o dìmú. Tó bá lù, mí díẹ̀, béèrè pé orí ta ni mo wà báyìí.

Mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ dáadáa níbi Septimus. Ibẹ̀ lo máa ń fò, o sọ ọ́ fúnra ẹ, o ní "ọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò yé èèyàn". Ọmọ ogun ni, ó ja Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀gá ẹ̀ tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀, Evans, kú ní Ítálì nígbà tí ogun kù díẹ̀ kó parí, Septimus sì ń yọ̀ nígbà náà pé òun ò mọ ẹ̀dùn kankan lára. Nísinsìnyí ó rò pé lẹ́tà èéfín yẹn, òun ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ó gbọ́ tí ẹyẹ ológoṣẹ́ ń fi èdè Gíríìkì kọrin. Tí ojú ìwé yẹn bá ti dà rú mọ́ ẹ lójú, Tọ́pẹ́, kì í ṣe ìwọ, bó ṣe rí fún òun nìyẹn, wọ́n sì fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n lára. Dókítà kan ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Dókítà ńlá kejì ní kí wọ́n mú un lọ síbi ìsinmi, kúrò lọ́dọ̀ Rezia ìyàwó ẹ̀. Ní irọ̀lẹ́ ó fò jáde lójú fèrèsé.

Mo ti sọ ọ́ tán, mo mọ̀. Ìwé yìí ò gbára lé pé kó o má mọ̀. Clarissa àti Septimus ò pàdé rárá látòkè délẹ̀, níbi páàtì ni ìyàwó dókítà ńlá yẹn ti mẹ́nu kan ikú ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ìyá olódòdó wa sì wọ yàrá kékeré kan lóun nìkan, ó dúró, ó rò ó. Woolf fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú kan ní 1928 pé nígbà tóun kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kò sí Septimus, Clarissa ló yẹ kó kú. Mo ka ìyẹn lẹ́yìn tí mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, mo bá tún un kà, gbogbo yàrá kékeré yẹn yí padà lójú mi. Ojú ìwé tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kà láyé mi nìyẹn, mi ò ṣàsọdùn.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé. Má lo fóònù láti wá àkékúrú ẹ̀ kà, bó o bá ti mọ ìtàn nìkan, o ò tíì ní nǹkan kan lọ́wọ́. Padà sójú ìwé àkọ́kọ́, kà á sókè, kí etí ẹ gbọ́ ọ, torí àwọn gbólóhùn yẹn gùn, kọ́mà ló kún inú wọn, ojú máa ń tètè sú, etí kì í sú bẹ́ẹ̀. Tí gbólóhùn kan ò bá yé ẹ, kọjá, má dúró lórí ẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò. Ka ibẹ̀ títí dé ibi tí ọkọ̀ òfúrufú ti ń kọ̀wé, kò pọ̀. Orúkọ tó o bá rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, jẹ́ kó lọ. Clarissa, Peter, Septimus, Rezia, Richard tó jẹ́ ọkọ Clarissa, Sally Seton ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ẹ̀, àwọn yìí ni kó o kọ sẹ́yìn ìwé ẹ.

Gbé ìwé náà dání tó o bá ń bọ̀ nílé ní Sátidé, kó o wọ ọkọ̀ tètè torí ọ̀nà Ọ̀rù máa ń dí lówùúrọ̀. A jọ máa gé ewùrà, ìwọ á máa kà á sókè fún mi bí mo ṣe ń rẹ́ ẹ. Tí ẹni tí mi ò dárúkọ yẹn bá sì wọlé, máa kàwé ẹ lọ.