Ìwé Àdéhùn Iṣẹ́ fún Olùtọ́jú Ilé Wa

Sí olùtọ́jú ilé wa tuntun,

A kí yín káàbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Ilé alájà mẹ́ta ni ilé yìí, ìdílé 12 ló sì ń gbé inú rẹ̀. Iṣẹ́ yín kò kọjá àwọn ibi tí gbogbo wọn jọ ń lò, ìyẹn àtẹ̀gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbàlá, gọ́tà, yàrá ẹ̀rọ omi àti ẹnu géètì. Bí olùgbé kan bá bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun fọ aṣọ tàbí kí ẹ gbá ilé òun, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti òun nìyẹn. Ẹ ṣe é lẹ́yìn àkókò iṣẹ́, kí ẹ sì gba owó yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹ ó máa ṣiṣẹ́, láti aago 6 sí aago 10 òwúrọ̀, àti láti aago 3 ọ̀sán sí aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni ìsinmi yín, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kanlẹ̀kùn yín lọ́jọ́ náà àfi bí ewu bá wà. Ní òwúrọ̀, ẹ kọ́kọ́ pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ gbá àtẹ̀gùn láti òkè wá sílẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sí àgbàlá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ ti dé ẹnu géètì kí aago 7 tó lù. Ẹ má ṣe po bílíìsì mọ́ ásíìdì ìfọlé láé, torí májèlé ni èéfín tó ń jáde lára wọn.

Ọ̀rọ̀ omi ló jẹ wá lógún jù. Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ omi, ẹ ṣí ìdérí táǹkì ìsàlẹ̀, kí ẹ fojú ara yín rí i pé omi wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í títí táǹkì òkè yóò fi kún. Ẹ fetí sí ìró rẹ̀ pẹ̀lú: bí ó bá yí padà, tí ó ń han gooro bí ohun tí kò rí nǹkan fà, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó wà níbí ṣáájú yín tan án, ó sì lọ bá àlejò sọ̀rọ̀ lójú pópó. Omi tán nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́, òórùn jíjóná ló pè é padà, ilé sì lo ọjọ́ mẹ́rin láìrí omi. Ẹ má ṣe wọnú táǹkì láti fọ̀ ọ́ ní ẹ̀yin nìkan, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè má tó èèyàn mí.

Ìwé ìjábọ̀ wà lórí ìṣó nínú yàrá ẹ̀rọ omi. Lójoojúmọ́, kí ẹ tó lọ, ẹ kọ sínú rẹ̀ iye tí mítà iná kà, ohun tó bàjẹ́, àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó wọlé. “Aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 10, gílóòbù àjà kejì kò tàn, mo ti pààrọ̀ rẹ̀, ó ku méjì nínú páálí” wúlò fún wa ju “gbogbo nǹkan dáa” lọ. Aago 9 òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni èmi yóò máa wá kà á, tí n ó sì buwọ́ lù ú lójú yín. Ṣùgbọ́n bí iná bá sọ, bí páìpù bá bẹ́, bí olè bá wọlé tàbí bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, ẹ má dúró de ìwé. Ẹ pè mí lórí fóònù kíákíá. Bí ó bá jẹ́ iná mànàmáná ló fa ìjóná, ẹ má da omi sí i. Ẹ pa súìsì àgbà bí ẹ bá lè dé ibẹ̀ láìséwu, kí ẹ sì kó àwọn èèyàn jáde.

Iye owó oṣù yín wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ 28 oṣù ni yóò máa wọ báńkì yín. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ni a ó san án. Láti mọ owó ọjọ́ kan, a ó pín owó oṣù sí ọ̀nà 26. Láti mọ ti wákàtí kan, a ó pín ti ọjọ́ sí ọ̀nà 7. Wákàtí tí a bá pè yín lẹ́yìn àkókò iṣẹ́ yóò gba ìlọ́po kan ààbọ̀. A kì í yọ owó nítorí ohun tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ bá fi owó yín rà fún ilé, ẹ mú rìsíìtì wá, a ó dá owó náà padà láàárín ọjọ́ méjì.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ìdánwò fún tọ̀túntòsì. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ fòpin sí àdéhùn yìí yóò fún ẹnì kejì ní ìkìlọ̀ oṣù kan lórí ìwé. Ẹ buwọ́ lu ẹ̀dà méjèèjì, kí ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì fi èkejì sílẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìbuwọ́lù pé ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́ márààrún.

Akọ̀wé, fún ìgbìmọ̀ àwọn olùgbé ilé