Kúkì àti Ọ̀rọ̀ Àṣírí Yín Lórí Ìkànnì Wa

Ẹ kú àbọ̀. Bí ẹ bá gbà, a ó fi kúkì, ìyẹn fáìlì kékeré kan, sórí fóònù yín ká lè mọ aṣọ táwọn èèyàn ń wò jù. Bí ẹ bá kọ̀, kò sí ohun tó máa pa mọ́ fún yín níbí.

Mo gbà | Mi ò gbà | Ẹ jẹ́ kí n kà á ná

Bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ yín
(Láti 1 oṣù Kẹta 2025)

Ahunṣọ òfì ni wá, nítòsí Ọjà-Ọba ní Ìlọrin. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ló de ìkànnì yìí.

Fọ́ọ̀mù. Orúkọ, nọ́mbà fóònù àti ohun tí ẹ fẹ́ hun nìkan la béèrè. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ẹni tó ń wá aṣọ ìnáwó a máa sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: orúkọ ìyàwó, ọjọ́ ìgbéyàwó, àdírẹ́sì ilé, nígbà míì pé ìyá ọlọ́jọ́ ìbí ò tíì gbọ́ sí i. Ẹni méjì péré ló ń ka fọ́ọ̀mù nínú wa. Àwọ̀, iye aṣọ àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbà á nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nídìí òfì. A kì í ta nọ́mbà yín, a kì í sì í fi ìpolówó ránṣẹ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ nọ́mbà káàdì báǹkì, PIN tàbí BVN síbẹ̀ láé. Bí a ò bá jọ ṣòwò, a ó pa ìwé yín rẹ́ lẹ́yìn oṣù 6. Bí a bá jọ ṣe é, lẹ́yìn ọdún 2.

Kúkì. Google Analytics ló ń bá wa ka iye èèyàn tó ń wo ìkànnì yìí. Kúkì rẹ̀, `_ga` àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `_ga_`, lè wà lórí fóònù fún ọdún 2. Ó lè jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnì kan láti Ọ̀fà wo sányán, kó tó bọ́ sórí ẹtù. Kì í sọ ẹni tó jẹ́ fún wa, kì í sì í tọ́jú nọ́mbà IP. Kọ̀ǹpútà Google tó ń gba ìròyìn yìí lè wà lẹ́yìn odi Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í tàn án àfi tí ẹ bá tẹ "Mo gbà". A ti ṣètò rẹ̀ kó máa pa ìròyìn ẹnì kọ̀ọ̀kan rẹ́ lẹ́yìn oṣù 2. Bí ẹ bá yí ọkàn padà, ẹ tẹ "Kúkì" nísàlẹ̀ ojú ewé, kí ẹ sì pa èyí tó ti wà nílẹ̀ rẹ́ nínú ètò búráúsà yín.

Ẹ̀tọ́ yín. Ẹ lè ní ká fi ohun tí a mọ̀ nípa yín hàn yín, ká tún un ṣe, tàbí ká pa á rẹ́. Ẹ kọ "Dátà mi" sínú fọ́ọ̀mù. A ó dáhùn láàárín ọjọ́ 14. Bí ìdáhùn wa ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè fẹjọ́ wa sun NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò dátà, ní Àbújá.

Bí a bá yí ohunkóhun padà níbí, déètì òkè yẹn á yí padà. Tó bá kan kúkì, a ó tún béèrè lọ́wọ́ yín.