Kàlẹ́ńdà Òṣùpá Nínú Ẹ̀sìn Ìsìláàmù, àti Ìdí Tí Ọjọ́ Ààwẹ̀ Fi Ń Yí Padà Lọ́dọọdún

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òní. Ní ọdún 2022, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ni ààwẹ̀ Rọ̀màdáánì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ó di ọdún 2023, ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni ó bọ́ sí, ní 2024 ó sì tún di ọjọ́ 11 oṣù Kẹta. Ó fi ọjọ́ 10 yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ọjọ́ 12 yá lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ó bá wo kàlẹ́ńdà ara ògiri nìkan lè rò pé ààwẹ̀ kò ní ọjọ́ kan pàtó, pé àwọn kan ni wọ́n ń jókòó yan ọjọ́ tí ó bá wù wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọjọ́ kìíní oṣù Rọ̀màdáánì ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò yẹ̀ lórí ọjọ́ náà rí. Ọ̀nà méjì tí ènìyàn ń gbà ka ọjọ́ ni gígùn wọn kò dọ́gba, ohun tí a sì fẹ́ yé ara wa lónìí nìyẹn.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti la ọ̀nà fún wa. A máa ń sọ pé “oṣù lé” nígbà tí òṣùpá tuntun bá yọ lójú ọ̀run, ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń pe ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni a sì fi ń pe ohun tí ó ń tàn lókè. Bí kàlẹ́ńdà Ìsìláàmù ṣe rí gan-an nìyẹn: oṣù kan ni àkókò tí ó wà láàárín ìgbà tí òṣùpá tuntun yọ àti ìgbà tí òmíràn yóò yọ. Àkókò náà jẹ́ ọjọ́ 29, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 44 ní ìṣirò àárín. Níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn kò ti lè fi ààbọ̀ ọjọ́ parí oṣù, àwọn oṣù kan máa ń jẹ́ ọjọ́ 29, àwọn mìíràn a sì jẹ́ ọjọ́ 30. Kò sí oṣù Ìsìláàmù tí ó lè pé ọjọ́ 31, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó jẹ́ ọjọ́ 28.

Ẹ wá fi 12 sọ iye yẹn di púpọ̀. Ọdún òṣùpá kan yóò jẹ́ ọjọ́ 354 àti nǹkan bíi wákàtí 9, nítorí náà ọdún náà máa ń jẹ́ ọjọ́ 354, nígbà mìíràn 355. Kàlẹ́ńdà tí ó wà lára ògiri ní tirẹ̀ kò ka òṣùpá sí. Ìrìn ayé yípo oòrùn ni ó ń tẹ̀ lé, ìrìn náà sì ń gba ọjọ́ 365 àti nǹkan bíi wákàtí 6. Ìyàtọ̀ láàárín ọdún méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ 11. Ẹ padà sí àwọn ọjọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kà wọ́n: láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 2022 dé ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 2023 jẹ́ ọjọ́ 355, láti ibẹ̀ dé ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024 jẹ́ ọjọ́ 354. Méjì tí ó lé lórí mẹ́wàá nínú ìyípadà kejì kò yẹ kí ó dààmú yín, nítorí oṣù Kejì ọdún 2024 ní ọjọ́ 29.

Ẹ mú bébà, rúlà àti sísọ́ọ̀sì. Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 365, kí ẹ gé òmíràn tí ó jẹ́ mìlímítà 354, kí mìlímítà kọ̀ọ̀kan dúró fún ọjọ́ kan. Ẹ tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ìbẹ̀rẹ̀ wọn dọ́gba. Ibi tí bébà kúkurú parí sí, bébà gígùn ṣì kù díẹ̀ níwájú rẹ̀, kò ju ìbú ìka ọwọ́ kan lọ. Ìbú ìka yẹn ni gbogbo ohun tí a ń sọ. Tí ẹ bá to bébà mẹ́ta mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, àlàfo náà yóò di mìlímítà 33, ó ti ju oṣù kan lọ. Ìdí nìyí tí ààwẹ̀ tí a gbà nínú oṣù Kẹrin fi lè bọ́ sínú oṣù Kẹta láàárín ọdún mélòó kan. Tí a bá sì tò ó lọ títí, bébà kúkurú 33 yóò jẹ́ mìlímítà 11,682, bébà gígùn 32 yóò jẹ́ 11,680. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé! Láàárín nǹkan bí ọdún 33, ààwẹ̀ yóò ti gba inú gbogbo oṣù kàlẹ́ńdà oòrùn kọjá, yóò sì padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó pé ọmọ ọdún 33 nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ọmọ ọdún 32 nínú ti oòrùn ni.

Láti inú èyí ni ohun ìyanu kan ti ń wáyé. Ní ọdún 1997, ààwẹ̀ Rọ̀màdáánì bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, òmíràn sì tún bẹ̀rẹ̀ ní òpin oṣù Kejìlá ọdún náà. Ọdún 2030 yóò rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ yọ 1997 kúrò nínú 2030, kí ẹ wo iye tí ó kù.

Oṣù méjìlá ni ó wà nínú kàlẹ́ńdà yìí, orúkọ wọn sì ni Mùhárámù, Sáfárì, Rọ̀bíù Áwàlì, Rọ̀bíù Sáánì, Jùmádà Úlà, Jùmádà Sáánì, Rájábù, Ṣàbánì, Rọ̀màdáánì, Ṣáwàlì, Súlì Kọ́dà àti Súlì Híjà. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ oṣù ọ̀wọ̀, èyí tí ogun jíjà jẹ́ èèwọ̀ nínú wọn: Mùhárámù, Rájábù, Súlì Kọ́dà àti Súlì Híjà. Ọjọ́ 10 Mùhárámù ni ọjọ́ Áṣúrà. Ọjọ́ 12 Rọ̀bíù Áwàlì ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí fi ń rántí ìbí Ànábì Mùhámmádù. Rọ̀màdáánì ni oṣù ààwẹ̀, ọjọ́ kìíní Ṣáwàlì tí ó tẹ̀ lé e sì ni Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Nínú Súlì Híjà ni iṣẹ́ Hájì wà, àwọn arìnrìn-àjò Hájì a dúró ní Árááfà ní ọjọ́ 9, ọjọ́ 10 a sì jẹ́ Ọdún Iléyá.

Àwọn orúkọ kan nínú wọn ṣì gbé àmì ojú ọjọ́ dání. Inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó túmọ̀ sí ooru gbígbóná ni Rọ̀màdáánì ti wá, Rọ̀bíù sì jẹ mọ́ ìgbà tí ewé ń rú. Lónìí, Rọ̀màdáánì lè bọ́ sínú òtútù líle, Rọ̀bíù sì lè bọ́ sínú ọ̀dá. Orúkọ dúró, ṣùgbọ́n oṣù ti ń yí gba inú gbogbo ìgbà kọjá.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí ní ìbéèrè tí ó mú inú mi dùn gan-an: “Ẹ jọ̀ọ́, Olùkọ́, kí ló dé tí wọn kò fi oṣù kan kún un kí ó lè bá ti oòrùn mu?” Àwọn mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Júù náà ń ka oṣù wọn pẹ̀lú òṣùpá, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi oṣù kẹtàlá kún ọdún méje nínú ọdún 19, kí àjọ̀dún wọn má baà kúrò nínú ìgbà rẹ̀. Ọdún Àjíǹde àwọn Kìrìsìtẹ́nì pẹ̀lú ń yí nítorí òṣùpá, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ààlà sí i, kì í ṣíwájú ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, kì í sì í kọjá ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Àwọn Lárúbáwá ayé àtijọ́ náà máa ń sún oṣù ọ̀wọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Àlùkùránì ni ó fi òpin sí i: nínú Súrà kẹsàn-án, ẹsẹ 36 àti 37, a sọ pé oṣù méjìlá ni iye oṣù lọ́dọ̀ Ọlọ́run, a sì dá sísún oṣù síwájú sẹ́yìn lẹ́bi. Láti ìgbà náà ni a ti fi òṣùpá sílẹ̀ kí ó máa rin ìrìn rẹ̀ láìsí àtúnṣe. Lójú tèmi, ìdájọ́ òdodo wà nínú rẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ tí ó jìnnà sí ìlà àárín ayé, ọ̀sán máa ń gùn púpọ̀ nígbà ooru, a sì máa ń kúrú nígbà òtútù. Bí ààwẹ̀ bá dúró sójú kan, àwọn kan ni yóò máa gba ti ọ̀sán gígùn títí ayé. Bí ó ṣe ń yí yìí, gbogbo ènìyàn ni yóò tọ́ ti gígùn àti ti kúkurú wò.

Kí a tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ òṣùpá, ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ṣe ń rí i. Ìwọ̀ oòrùn ni ọjọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà yìí, kì í ṣe ọ̀gànjọ́ òru. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29 oṣù, bí oòrùn bá ti wọ̀, àwọn ènìyàn a dojú kọ ìwọ̀ oòrùn láti wá òṣùpá. Ohun tí wọ́n ń wá tín-ín-rín bí èékánná tí a gé, ó sún mọ́ ilẹ̀ púpọ̀, ó sì lè má pẹ́ kí òun náà tó wọ̀. Bí wọ́n bá rí i, oṣù tuntun ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ìkùukùu bá bò ó, wọn yóò ka oṣù tí ó wà nílẹ̀ pé 30. Ànábì ni ó pa á láṣẹ pé kí a gba ààwẹ̀ nígbà tí a bá rí i, kí a sì túnu nígbà tí a bá rí i. Òṣùpá lè hàn ní ilẹ̀ kan kí ó má hàn ní òmíràn, àwọn ilẹ̀ kan sì wà tí wọ́n gbára lé ìṣirò dípò ojú. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ọjọ́ kan tí a máa ń gbọ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjì ti ń wá.

Ó ku iye ọdún. Ọdún 622 ni Ànábì ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, ìṣípòpadà yìí ni à ń pè ní Híjírà. Nígbà ìjọba Úmárù, Kálífà kejì, ni a fi ọdún Híjírà ṣe ọdún kìíní. Láti mọ ọdún oòrùn tí ọdún Híjírà kan bọ́ sí, ẹ pín in sí 33, ẹ yọ èsì rẹ̀ kúrò lára ọdún náà, kí ẹ sì fi 622 kún un. Bí àpẹẹrẹ, 1446 tí a pín sí 33 jẹ́ nǹkan bíi 44. Bí a bá yọ 44 kúrò nínú 1446, yóò ku 1402. Bí a bá fi 622 kún un, yóò di 2024, ọdún tí 1446 bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́.

Iṣẹ́ ilé yín: ẹ ṣe ìṣirò yìí fún ọdún Híjírà 1400, kí ẹ fi ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan hàn. Lẹ́yìn náà, láti alẹ́ òní títí di alẹ́ kejìlá, ẹ ya àwòrán òṣùpá sínú ìwé yín lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sí abẹ́ rẹ̀. Alẹ́ tí ẹ kò bá rí i, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ bóyá ìkùukùu ni ó bò ó tàbí kò sí lójú ọ̀run.