Ìjàpá àti Òkòtó Pupa

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá kékeré kan. Ilé wọn wà lẹ́bàá Òkúta Zuma, òkúta ńlá tí ẹ máa ń rí bí ẹ bá ń ti Àbújá lọ sí Kàdúná. Ẹ ti rí i rí, àbí? Èyí tó dà bíi pé ó lójú, tó tún lẹ́nu.

Ìjàpá ní bọ́ọ̀lù. Ó ní mọ́tò tí bàbá rẹ̀ fi agolo mílíìkì ṣe, sílípáàsì tó ti gbó ni wọ́n gé ṣe táyà rẹ̀. Ó tún ní òkòtó pupa kan. Bó bá ti ta á, á máa pòòyì, fíì-fíì-fíì, títí tí yóò fi dà bíi pé kò mira mọ́.

Ṣùgbọ́n bí Ehoro bá ní, "Jẹ́ kí n ta á lẹ́ẹ̀kan péré," Ìjàpá á na ọrùn síta, á bẹ̀rẹ̀ orin:

Bọ́ọ̀lù ńkọ́?
Tèmi ni!
Mọ́tò ńkọ́?
Tèmi ni!
Òkòtó ńkọ́?
Ẹ má fọwọ́ kàn án, tèmi, tèmi ni!

Lọ́jọ́ kan, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku bo orí òkúta náà. Ìjàpá gbọ́ ohùn Ehoro àti Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Kíá, ó gbé mọ́tò sẹ́yìn, ó gbé bọ́ọ̀lù lé mọ́tò, ó há òkòtó mọ́ abíyá, ó sì sáré. Ìjàpá tó ń sáré! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ òkúta. Gbì! Ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè. Bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri wọ inú koríko.

Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, kò lè dìde.

"Ehoro o! Ẹ gbà mí o!"

Ehoro dé, ó káwọ́ sẹ́yìn. "Ṣé kí n fọwọ́ kàn ọ́? Ìkarahun yẹn ńkọ́?"

"Tè..." Ìjàpá gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ehoro tì, Ọ̀kẹ́rẹ́ fà. Gbàgà! Ìjàpá dìde. Ọ̀kẹ́rẹ́ tún lọ wá bọ́ọ̀lù jáde.

Ìjàpá ń fi èékánná ha ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ ta òkòtó?"

Ehoro ta á, ó ṣubú pẹ̀ẹ̀. "Fi ìka méjì dì í mú," ni Ìjàpá wí, "lọ́ ọ, kí o sì jù ú sílẹ̀." Fíì-fíì-fíì! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dojú bolẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Tẹ́lẹ̀, bí Ìjàpá bá gbá a, òun náà ni yóò rìn lọ mú un, ẹ sì mọ bí Ìjàpá ṣe ń rìn. Lọ́tẹ̀ yìí, bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ń padà bọ̀!

Ilẹ̀ ṣú. Màmá Ìjàpá pè é pé kó wá jẹ kúlíkúlí. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì di òkòtó mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ìjàpá wò ó, ó wo òkòtó.

"Ó dáa, mú un lọ sílé," ló wí. Ó rìn díẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n mú un bọ̀ lọ́la o!"