Aago Bàbá Tísà

Láti ọjọ́ tí Bádé ti fi aago tó ń ka lílù ọkàn ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, Bàbá Tísà kò bọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ máàkì àwọn ọmọ kíláàsì sílẹ̀ nígbà náà ni wọ́n ń kọ bí ọkàn wọn ṣe ń lù ní ìṣẹ́jú kan: ọ̀sán, 68, òru, 39. Òru 39 kẹ̀?

“Aago yín ń purọ́,” Ìyá Bádé wí.

Bàbá dìde lóru, wọ́n fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́, wọ́n kà á fúnra wọn. Aago kò purọ́.

“Oògùn wo lẹ ń lò, sà?” Dókítà ọ̀dọ́ kan bi wọ́n nílé ìwòsàn.

“N kò lo oògùn kankan.”

Ìyá Bádé wúkọ́. “Èyí tí ẹ ń kán sójú lálaalẹ́ ńkọ́?”

“Tojú nìyẹn. Tọkàn ni mo bá wá.”

Dókítà ní ìyẹn gan-an ni: oògùn gùlókómà yẹn ń gba ojú wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè mú kí ọkàn máa lù lọ́ra. Ó kọ lẹ́tà sí dókítà ojú kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. “Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, sà. Ojú ò ṣeé fi ṣeré.”

Bàbá Tísà ka lẹ́tà náà tán, wọ́n sì fi sípẹ́lì kan tó ṣì kọ hàn án.